Ibo ni 1.54 ti wá nínú ìṣírò kọnkéré, ibo la sì ti ń lò ó?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé alájà kan ni mò ń kọ́ ní Adó-Èkìtì, a sì ti dé ibi dẹ́kìn. Gígùn rẹ̀ mítà 8, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 6, nínípọn rẹ̀ sẹ̀ntímítà 15. Mo ṣírò ó, ó fún mi ní 7.2. Mo pín in sí 1:2:4, àpò sìmẹ́ńtì 30 ló jáde. Injinníà wa ní kí n kọ́kọ́ sọ 7.2 lọ́nà 1.54, ó wá di àpò 46. Àpò 16 ló fi lé e! Ibo ni 1.54 yẹn ti wá? Ṣé kì í ṣe ọgbọ́n à-ra-jù nìyẹn? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ibo ni kí n ti lò ó, ibo ni kí n má ti lò ó?”

Ìdáhùn: Injinníà yín kò yàn yín jẹ, àpò 46 náà ni. Pínpín tí ẹ pín dára; ohun tí ẹ pín ni kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ pín. Kúbìkì mítà 7.2 tí ẹ rí jẹ́ ìwọ̀n kọnkéré tí wọ́n ti pò, tí wọ́n ti dà, tí wọ́n sì ti gún mọ́lẹ̀ lórí pákó. Sìmẹ́ńtì, iyanrìn àti òkúta tí ẹ fẹ́ rà kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Gbígbẹ ni wọ́n wà, afẹ́fẹ́ sì pọ̀ láàárín wọn. Bí ẹ bá pín 7.2 bó ṣe wà, ẹ ti ka afẹ́fẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì, ẹ sì ti kà á mọ́ òkúta.

Ẹ wo odó iyán. Iṣu tí wọ́n kó sínú odó lè ga dé etí, ṣùgbọ́n bí ọmọ odó bá ti lù ú tán, ìsàlẹ̀ ni iyán wà. Ẹnikẹ́ni ò mú iṣu nínú odó. Àyè tó wà láàárín ègé kan sí èkejì ni kò sí mọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí kọnkéré nìyẹn, àfi pé níhìn-ín iyanrìn ló ń wọ àyè òkúta, sìmẹ́ńtì àti omi sì ń wọ àyè iyanrìn.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i níbi iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20, ẹ bu òkúta gíráníìtì tírí-kúọ́tà kún un dé etí, ẹ fi pákó gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Lójú, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti kún. Ẹ wá fi ike lítà kan máa da omi sí i, kí ẹ máa kà, títí omi á fi yọ létí. Omi tó máa wọlé yóò tó lítà 8 tàbí 9. Ìyẹn ni pé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì òkúta tí ẹ sanwó rẹ̀, lítà 11 tàbí 12 péré ni òkúta gangan. Ẹ da ti òkúta nù, kí ẹ ṣe bákan náà fún iyanrìn gbígbẹ: omi bíi lítà 7 tàbí 8 yóò rí ibi wọ̀. Ti sìmẹ́ńtì ò ṣeé fi omi dán wò, nítorí yóò dì, ṣùgbọ́n òun ló yani lẹ́nu jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sìmẹ́ńtì inú àpò kílò 50, bí a bá dà á sínú àpótí, yóò gba àyè bíi lítà 35, bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀, láìsí afẹ́fẹ́, kò ju lítà 16 lọ. Ohun tó ju ìdajì lọ nínú àyè tí sìmẹ́ńtì gbà jẹ́ afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá po ìwọ̀nba kékeré kan ní 1:2:4, ká sì wo ohun tí yóò jáde. Ká ní a wọn sìmẹ́ńtì lítà 10, iyanrìn gbígbẹ lítà 20, òkúta lítà 40. Bí a bá kà á lórí ilẹ̀, lítà 70 ni. Sìmẹ́ńtì yẹn yóò wọn bíi kílò 14.4, ìyẹ̀fun tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ lítà 4.6. Iyanrìn yóò wọn bíi kílò 32, hóró rẹ̀ gangan jẹ́ lítà 12.1. Òkúta yóò wọn bíi kílò 60, ara rẹ̀ jẹ́ lítà 22.2. Omi tí a máa fi pò ó, bí a kò bá fẹ́ kó ṣàn bí ẹ̀kọ, jẹ́ bíi lítà 7.9. Ẹ ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó di 46.8. Bí a ti wù kí a gún un tó, afẹ́fẹ́ díẹ̀ yóò ṣẹ́kù sínú rẹ̀, kò ju bíi lítà kan lọ, nítorí náà ẹ pè é ní 47.5. Lítà 70 wọlé, lítà 47.5 jáde. Ẹ fi 47.5 pín 70, ẹ ó rí 1.47.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé 1.47 kì í ṣe 1.54. Ohun méjì ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Èkíní ni pé iyanrìn tí a ń lò níbi iṣẹ́ kì í sábà gbẹ. Ó máa ń ní ọ̀rinrin, ọ̀rinrin yẹn sì máa ń jẹ́ kó wú, tó fi jẹ́ pé lítà 20 rẹ̀ kì í wọn kílò 32 mọ́, bíi kílò 26 ni. Bí ẹ bá fi ìyẹn tún ìṣírò wa ṣe, lítà 45 ni yóò jáde nínú 70, iye náà á sì gòkè sí 1.55. Èkejì ni èyí tó máa ń dànù: èyí tó lẹ̀ mọ́ inú mísà, èyí tó yọ̀ lábẹ́ páànù, èyí tó gba àlàfo pákó ṣàn lọ. Nítorí náà ẹ má wo 1.54 bí iye tí Ọlọ́run dá. Iye tí àwọn oníṣẹ́ gbà pé ó sún mọ́ òótọ́ jù fún òkúta àti iyanrìn tí a sábà ń rí ni. Inú ìwé kan ẹ lè bá 1.52, inú òmíràn 1.55 tàbí 1.57, kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Ohun kan wà tí èmi máa ń tẹnu mọ́ níbí: níwọ̀n ìgbà tí ìdànù díẹ̀ ti wà nínú 1.54, ẹ má tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e lórí ní orúkọ “wéstéèjì”. Ibẹ̀ gan-an ni à-ra-jù ti ń wọlé, kì í ṣe lára 1.54. Àpò kan tàbí méjì fún àbò ti tó lórí iṣẹ́ bíi tiyín.

Ó yẹ kí á lo iye yìí bó ṣe tọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ń lò ó, lórí gbogbo kọnkéré, ká tó pín in. Tiyín rèé:

8 × 6 × 0.15 = 7.2

7.2 × 1.54 = 11.09

11.09 yìí ni àpapọ̀ gbígbẹ. 1:2:4 jẹ́ ìpín 7, nítorí náà ẹ fi 7 pín 11.09. Ìpín kan jẹ́ kúbìkì mítà 1.584. Ìpín kan náà ni sìmẹ́ńtì. Iyanrìn gba méjì, ó jẹ́ 3.17, òkúta gba mẹ́rin, ó jẹ́ 6.34. Àpò sìmẹ́ńtì kan gba kúbìkì mítà 0.0347, èyí tí í ṣe lítà 35 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi pín 1.584, ẹ ó rí 45.6, ìyẹn àpò 46.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbí. Àwọn kan máa ń sọ sìmẹ́ńtì nìkan lọ́nà 1.54, wọ́n á fi iyanrìn àti òkúta sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdíwọ̀n 1:2:4 ti bàjẹ́ nìyẹn. Sìmẹ́ńtì á ṣẹ́kù, òkúta á tán. Àwọn kejì máa ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n á lò ó lórí 7.2, nígbà tí wọ́n bá sì rí iye iyanrìn, wọ́n á tún sọ òun náà lọ́nà 1.54. Àwọn kẹta ló gbọ́n jù tí wọ́n sì ṣì jù. Wọ́n gbọ́ pé kọnkéré máa ń fi bíi ìdá kan nínú mẹ́ta dínkù, èyí tí í ṣe òótọ́, torí pé láti 11.09 bọ̀ sí 7.2 ni ìyẹn. Wọ́n wá fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún 7.2, ó di 9.6, wọ́n sì ra àpò 40. Ohun tí a mú kúrò lára ńlá àti ohun tí a fi kún kékeré kì í ṣe ọgbọọgba. Tí ohun tó jẹ́ 11.09 bá dínkù pẹ̀lú 3.89, ó di 7.2, láti padà, 3.89 yẹn náà la gbọ́dọ̀ fi kún un, ìyẹn sì jẹ́ ìdá mẹ́rìnléláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún 7.2.

Ká ní ẹ wá ra àpò 30 bí ẹ ṣe ṣírò ó ní àkọ́kọ́, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Àpò kan ní 1:2:4 ń fún wa ní kọnkéré kúbìkì mítà 0.158. Àpò 30 yóò fún wa ní 4.73. Lórí dẹ́kìn tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 6 tí nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ntímítà 15, ìyẹn yóò dé mítà 5 àti sẹ̀ntímítà 26, yóò sì dúró. Mítà 2 àti sẹ̀ntímítà 74 ló kù, irin wà níta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù, ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì sì ti ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ibi tí ewu wà kì í ṣe pé iṣẹ́ dúró. Ewu ni pé etí kọnkéré yẹn yóò di mọ́jú, tí wọ́n bá sì da tuntun tì í lọ́jọ́ kejì láìtọ́jú rẹ̀, àwọn méjèèjì kò ní wọra wọn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa kọ́kọ́ hàn lábẹ́ dẹ́kìn. Nígbà òjò, omi yóò gba ibẹ̀ kán, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ìpẹtà yóò máa pọ́n ojú ìlà yẹn, torí irin inú rẹ̀ ti ń jẹra.

Bí ó bá di dandan kí iṣẹ́ dúró láàárín, ẹ bi injinníà yín léèrè ṣáájú ọjọ́ náà pé ibo ni kó dúró. Lórí dẹ́kìn, ìdá àárín láti orí ìgbéró kan sí èkejì ló sábà máa ń dára, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ògiri tàbí ẹ̀gbẹ́ bíìmù. Kí wọ́n fi pákó dí etí rẹ̀ kó dúró ṣánṣán. Kí wọ́n má jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sílẹ̀ bí etí òkìtì. Kí wọ́n tó da tuntun, kí wọ́n họ ojú rẹ̀ títí òkúta á fi yọ, kí wọ́n fọ ìyẹ̀fun rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì fi omi rin ín.

Ìṣírò lórí bébà dára, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń wọn nǹkan níbi iṣẹ́ ló ń sọ bóyá 46 yóò tó. Iṣẹ́ púpọ̀ ló jẹ́ pé páànù tàbí sọ́bìrì ni wọ́n fi ń kà á. Sọ́bìrì kì í ṣe òṣùwọ̀n rárá, nítorí ti àárọ̀ ga ju ti ọ̀sán lọ nígbà tí apá bá ti rẹ bírìkìlà. Páànù náà kò dọ́gba. Ọ̀kan jin, òmíràn tẹ́, wọ́n sì lè bu ti òkúta ní àkúnrẹ́rẹ́ kí wọ́n gé ti iyanrìn létí. Ohun tí mo máa ní kí ẹ ṣe ni kí kápẹ́ńtà yín kan àpótí kan tí kò ní ìdí tàbí tó ní ìdí, èyí tó bá wù ú, tí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 35 ní gígùn, 33 ní fífẹ̀, 30 ní gíga. Ẹ wọn inú, ẹ má wọn ìta pákó. Àpótí yẹn gba lítà 34.65, ìyẹn ni pé ó dọ́gba pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì kan. Fún àpò kọ̀ọ̀kan, àpótí iyanrìn méjì, àpótí òkúta mẹ́rin, kí wọ́n fi pákó gé orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé páànù ni ẹ kò lè ṣàì lò, ẹ fi páànù bu iyanrìn sínú àpótí yìí, ẹ ka iye tó kún un, kí ẹ sì fi iye yẹn ṣe òfin fún ọjọ́ náà.

Ọ̀nà kan tún wà tí ẹ fi lè mọ̀ láàárọ̀ bóyá ẹ ó rí ìṣòro lálẹ́. Kọnkéré àpò 10 jẹ́ 1.58. Lórí dẹ́kìn yín, ó yẹ kó dé mítà 1 àti sẹ̀ntímítà 75 láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀ lára pákó etí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dúró dè é. Bí àpò kẹwàá bá tán, tí kọnkéré kò sì ju mítà kan àtààbọ̀ lọ, dẹ́kìn ti nípọn tó sẹ̀ntímítà 17 àtààbọ̀: bóyá pákó ti tẹ̀ sí ìsàlẹ̀, bóyá wọn kò gé ojú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bó bá dé mítà 2, ẹ má tíì máa yọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó tín-ín-rín, bíi sẹ̀ntímítà 13, tàbí kí wọ́n ti bu òkúta àti iyanrìn kọjá ìwọ̀n, èyí tó túmọ̀ sí pé sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti kéré. Ẹ gún ìṣó tí ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ní sẹ̀ntímítà 15 bọ inú rẹ̀ níbi mẹ́ta mẹ́rin, ẹ ó mọ èwo ni. Bí ìyàtọ̀ láàárín àmì ṣọ́ọ̀kì àti ibi tí kọnkéré dé kò bá ju sẹ̀ntímítà 5 tàbí 6 lọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìdànù tó wà nínú 1.54 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyanrìn tó wú tún nílò àlàyé díẹ̀, nítorí ní Èkìtì, láti bíi oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, kò wọ́pọ̀ kí iyanrìn tó wà lójú títì gbẹ. Iyanrìn odò, irú èyí tí wọ́n ń wà lẹ́bàá Ògbèsè, tó bá ní omi díẹ̀ lára, awọ omi tẹ́ẹ́rẹ́ máa bo hóró kọ̀ọ̀kan, á sì ti èkejì sẹ́yìn. Ìwọ̀n omi tó dà bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ ló ń mú kó wú jù. Ó lè fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bó ṣe yẹ lọ, àgàgà bó bá jẹ́ iyanrìn kíkúnná. Ohun tó jọ àrà ni pé bí omi bá pọ̀ débi tó rin ín gbingbin, ó tún máa padà wálẹ̀. Òkúta kì í wú bẹ́ẹ̀, nítorí hóró rẹ̀ tóbi jù kí awọ omi lè tì í.

Ẹ lè dán an wò. Ẹ bu iyanrìn yẹn sínú ike tó gùn tó sì mọ́ gaara, ẹ má gún un, kó ga ní sẹ̀ntímítà 20. Ẹ da omi sí i títí yóò fi bò ó, ẹ fi igi rò ó, kí ẹ jẹ́ kó sùn. Bó bá sùn sí 16, ó fi 4 wú lórí 16, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó bá wá fi àpótí méjì bu iyanrìn yẹn ti bu ohun tí kò ju àpótí kan lé díẹ̀ lé àbọ̀ lọ. Kọnkéré rẹ̀ yóò fẹ́ iyanrìn kù, òkúta á máa yọ lójú rẹ̀, ihò á sì wà lábẹ́ dẹ́kìn nígbà tí wọ́n bá tú pákó. Nítorí náà, lọ́jọ́ yẹn, àpótí iyanrìn méjì àtààbọ̀ ni fún àpò kan, kí wọ́n sì dín omi kù nítorí pé iyanrìn ti gbé omi wá. Iye tí ẹ máa ra náà á yí padà: 3.17 lọ́nà 1.25 jẹ́ 3.96. Ẹ ní kí wọ́n já kúbìkì mítà 4. Sìmẹ́ńtì àti òkúta kò yí padà.

Nígbà tí ẹ bá lọ rà á, tọ́ọ̀nù ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu onítípà, kì í ṣe kúbìkì mítà. Òkúta yín, 6.34, á wọn bíi tọ́ọ̀nù 9 àtààbọ̀. Iyanrìn gbígbẹ 3.17 á wọn bíi tọ́ọ̀nù 5. Yálà láti kúwárì agbègbè Ìkẹ́rẹ́ ni òkúta ti wá tàbí láti ibòmíràn, ìwọ̀n gíráníìtì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ohun tó yàtọ̀ ni típà. “Tọ́ọ̀nù mẹ́wàá” tí wọ́n ń pè lè jẹ́ orúkọ ọkọ̀ lásán. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn inú bọ́dì rẹ̀ ní gígùn àti fífẹ̀, ẹ sì wọn gíga tí ẹrù dé gan-an, kí wọ́n tó já a. Bí gígùn bá jẹ́ 3.6, tí fífẹ̀ jẹ́ 2.2, tí òkúta sì ga ní 0.8, kúbìkì mítà 6.34 nìyẹn, ó bọ́ sí ojú ibi tí ẹ ń wá. Ìwọ̀n gbígbẹ la fi ń wọn típà, nítorí náà ẹ fi wé 6.34, kò yẹ kí ẹ tún sọ ọ́ lọ́nà ohunkóhun mọ́.

Èyí ló gbé wa dé apá ìkẹyìn ìbéèrè yín. 1.54 wà fún ìgbà tí ẹ bá mọ ìwọ̀n kọnkéré tó ti dì, tí ẹ sì fẹ́ mọ iye nǹkan gbígbẹ tí ẹ máa fi ìwọ̀n àpótí tàbí páànù pò. Níbi tí méjèèjì yìí kò bá ti sí, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá pe ọkọ̀ tó ń po kọnkéré wá láti ibi tí wọ́n ti ń pò ó, 7.2 ni kí ẹ sọ fún wọn, pẹ̀lú díẹ̀ fún ìdànù, nítorí ohun tó ti pò tán ni wọ́n ń tà. Bí ẹ bá sọ 11.09, ẹ ó sanwó kọnkéré tí kò ní ibi tí ẹ máa dà á sí. Bí injinníà bá fún yín ní ìwé àpòpọ̀ tó sọ pé kílò báyìí sìmẹ́ńtì, kílò báyìí iyanrìn àti òkúta fún kúbìkì mítà kan, ìwúwo ni wọ́n ti fi ṣe é, àyè kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ kàn sọ kílò kọ̀ọ̀kan lọ́nà 7.2 ni. Irin inú dẹ́kìn ń gba àyè díẹ̀, kò tó nǹkan, a kì í yọ ọ́.

Fún àpòpọ̀ tí kò ní òkúta, bíi ti mímọ búlọ́ọ̀kù àti pílásítà, 1.54 ti pọ̀ jù. Iyanrìn àti sìmẹ́ńtì nìkan ló wà níbẹ̀, àyè ńlá tó wà láàárín òkúta kò sí, nítorí náà 1.3 tàbí 1.33 là ń lò. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ rẹ́ abẹ́ dẹ́kìn yìí kan náà, mítà 8 sí 6, ní sẹ̀ntímítà 1.2, ní 1:4: 48 lọ́nà 0.012 jẹ́ 0.576, lọ́nà 1.33 jẹ́ 0.766. Ẹ pín in sí 5, ìpín kan jẹ́ 0.153, ìyẹn àpò 4.4, ẹ ra 5. Iyanrìn rẹ̀ jẹ́ 0.61, kẹ́ ẹ sì dán òun náà wò nínú ike bóyá ó wú, nítorí iyanrìn pílásítà kúnná ju ti kọnkéré lọ, ó sì ń wú jù ú lọ.